Bí a ṣe lè yọ "sir" kúrò nínú ímeèlì láì yọ ọ̀wọ̀ kúrò níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan tó máa ń bá àwọn oníṣòwò kọ lẹ́tà sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kó irè oko láti Kánò lọ sókè òkun.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ ímeèlì sí oníbàárà tó wà lókè òkun. Mi ò wá kọ́ yín ní gírámà, torí púpọ̀ nínú yín gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìyá kan tó ń ta òdòdó sobo gbígbẹ wá bá mi. Ẹ ó rántí ìgbà yẹn dáadáa. Náírà tuntun ò sí, èyí tó wà nílẹ̀ ò tó, àwọn èèyàn ń sùn sẹ́nu ọ̀nà báńkì. Àwọn àgbẹ̀ tí ìyá yìí ra sobo lọ́wọ́ wọn ní Jígáwá ń retí owó wọn. Ó ti kó kọ̀ntẹ́nà kan ránṣẹ́ sí Hámbọ́ọ̀gì lórílẹ̀èdè Jámánì. Gbogbo owó ẹrù náà jẹ́ 30,000 dọ́là. Wọ́n ti san 9,000 kí ẹrù tó gbéra, ó wá ku 21,000 tó yẹ kó wọlé ní ọjọ́ 14 oṣù náà, lẹ́yìn tí ìyá bá ti fi ẹ̀dà àwọn ìwé ẹrù ránṣẹ́.

Ọjọ́ pé, owó ò wọlé. Ní ọjọ́ kejì, ìyá kọ ímeèlì, kò sí èsì. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó tún kọ òmíràn. Wọ́n fèsì sí ìyẹn: wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn náà kí i, ó parí. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ọjọ́ 20, ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé àwọn òyìnbó yìí fẹ́ jẹ mí lówó mọ́lẹ̀ ni?" Mo ní kí ó jẹ́ kí n rí ohun tó kọ sí wọn. Òun nìyí:

```
Subject: Good day sir

Good morning sir, and how is your family? I am very
sorry to disturb you. I know you are a very busy man.
Please sir, I just want to humbly remind you about
the small issue we discussed the other time. I will be
grateful if you can kindly look into it at your
convenience. Please don't be annoyed sir.
Thank you sir and God bless you.
```

Tí ẹ bá fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Ọmọlúàbí ló kọ ọ́. Ó kí ènìyàn, ó béèrè ará ilé, ó tọrọ gáfárà pé òun wá yọ wọ́n lẹ́nu, kò dárúkọ gbèsè ní gbangba, ó sì fi àdúrà parí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Alájà kan ní ọjà Kúrúmì ló jẹ ẹ́ lówó, Alájà á ti mọ ohun tó ń bá òun sọ, ojú á tì í, á sì wá owó náà san.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á bí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kan ní Hámbọ́ọ̀gì, tí ọgọ́ta ímeèlì ń dúró dè ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Kí ni ẹni tó kọ eléyìí ń fẹ́? Kò sí nọ́ńbà ínfọ́ìsì níbẹ̀. Kò sí iye owó. Kò sí ọjọ́. Ó pe 21,000 dọ́là ní "small issue", ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ní kí wọ́n bójú tó o "at your convenience", ìyẹn ìgbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìyá yìí kò mọ̀ pé òun ti fọwọ́ ara òun sún ọjọ́ gbèsè síwájú. Lékè gbogbo rẹ̀, obìnrin ni ẹni tó ń pè ní "sir" yẹn. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ gbogbo ímeèlì tó ti fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí nǹkan yìí ti ṣẹ̀ wá ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ẹni tí ò bá mọ ibi tó ti ṣẹ̀ á kàn ṣe àkọ́sórí gbólóhùn méjì mẹ́ta ni, ọ̀la á tún kọ ọ́ bó ṣe ń kọ ọ́.

Nínú Yorùbá, ara gírámà gan-an ni ọ̀wọ̀ wà. Tí mo bá ní "Ẹ san owó náà lọ́la", mo ti bọ̀wọ̀ fún yín, kódà bí mi ò bá fi ohunkóhun kún un. Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn, "ẹ", ti ṣe iṣẹ́ náà. Tí mo bá yọ ọ́, tí mo ní "San owó náà lọ́la", gbogbo ilé á yíjú wò mí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ". "You" tí wọ́n ń pe ọmọ ọwọ́ náà ni wọ́n ń pe ọba. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá wá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ rẹ̀ á máa wá ibi tí yóò fi "ẹ" yẹn sí. Kò ní rí i, á wá máa fi ọ̀rọ̀ mìíràn dí àyè rẹ̀: "sir" níhìn-ín, "humbly" lọ́hùn-ún, "kindly", "please", "sorry". Ìwọ̀nba "ẹ" tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà náà ló ń sọ iye "sir" tí yóò wọ inú rẹ̀. Ẹ tún wò ó pé "sà" àti "mà" ti di Yorùbá lẹ́nu wa. A ń sọ pé "Ẹ ṣé, sà", "Ó ti dé, mà". Nítorí náà, nígbà tí a bá kọ "sir" sí ìparí gbólóhùn mẹ́fà léraléra, a rò pé Gẹ̀ẹ́sì la ń kọ, "sà" ti Yorùbá la ń kọ. Òyìnbó ò sì mọ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oníbàárà ní Kútọ̀nú tàbí Lomé, ẹ má ṣe gbé ohun tí mò ń sọ yìí wọ inú Faransé. Faransé ní "vous" tó ń ṣiṣẹ́ tó jọ ti "ẹ" wa, ìparí lẹ́tà wọn sì máa ń gùn, wọ́n á ní kí ẹ jọ̀ọ́ gba ìkíni ọlọ́wọ̀ wọn. Tí ẹ bá gé ìyẹn kúrú fún wọn, wọ́n lè rò pé inú ń bí yín. Ti Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ.

Nǹkan kan tún wà tí kò dùn ún sọ níwájú àwùjọ. Àwọn oníjìbìtì ti ba ohùn pẹ̀lẹ́tù jẹ́ fún wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ káàkiri ayé, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní 419 nítorí abala òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà tó sọ nípa fífi ẹ̀tàn gba nǹkan onínǹkan, ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n ń lò: ìkíni gígùn, ẹ̀bẹ̀, àdúrà, orúkọ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ owó tí kò ní nọ́ńbà kankan. Ẹni tó ti rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, tó wá rí "Good day sir" gẹ́gẹ́ bí àkọlé ímeèlì láti Nàìjíríà, ó lè má ṣí i rárá. Olóòótọ́ ni ìyá wa, aṣọ tí olè ń wọ̀ ló wọ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ti ímeèlì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní, "Mà, ká ní obìnrin yẹn wà níwájú yín báyìí, tó ní kí ni ẹ ń fẹ́, kí lẹ máa sọ fún un?" Ó dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀: "Màá ní owó tó kù ò tíì dé ọwọ́ wa, ìgbà wo ni ká máa retí ẹ̀?" Mo ní, "Ó parí." Gbólóhùn yẹn la gbé sókè pátápátá, tí a sì kọ ohun yòókù yí i ká:

```
Subject: Invoice 014: balance of USD 21,000, due 14 March

Dear Ms ...,

I hope you are well. The balance of USD 21,000 on
invoice 014 was due on 14 March and has not yet
reached our account.

Could you please let me know by Thursday, 23 March
when we can expect it? I have attached the invoice
and the shipping documents again. If anything is
missing, I will send it the same day.

Thank you for your help.

Kind regards,
```

Ìyá kà á, ó sì dákẹ́. Ó ní, "Kò ha le jù?" Mo bi í pé ibo ló ti le. Ó wá a títí, kò rí i. Ìkíni wà níbẹ̀, ẹyọ kan. Ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, ẹyọ kan, ó sì wà lára ohun tí a ń béèrè gan-an. Ọpẹ́ wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni ìforíbalẹ̀, obìnrin ará Hámbọ́ọ̀gì náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni foríbalẹ̀ fún òun. Ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ọ̀wọ̀ ni pé wọn ò fi àkókò òun ṣòfò. Àkọlé tó sọ nọ́ńbà, iye owó àti ọjọ́ jẹ́ ọ̀wọ̀ fún un. Fífi àwọn ìwé ẹrù so mọ́ ímeèlì lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má baà máa wá wọn kiri, ọ̀wọ̀ ni.

Ẹ tún wo bí gbólóhùn owó yẹn ṣe rí. A ò sọ pé "You have not paid". A ní owó náà ni kò tíì dé. Ìyá fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní ìyẹn, torí bó ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá nìyẹn: owó ò tíì dé ọwọ́ wa. Yorùbá kì í tọ́ka sí ojú ẹni tó bá fẹ́ kí ó gbọ́ràn, nǹkan tó bàjẹ́ la máa ń fi ṣe olórí gbólóhùn. Àṣà tiwa yìí wọ inú Gẹ̀ẹ́sì láìsí wàhálà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo ti ilé ló yẹ kí a kó dànù.

Mo ń sọ eléyìí torí mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n sọ fún pé kí wọ́n máa sọ ojú abẹ níkòó, tí wọ́n wá kọjá ààlà. Wọ́n á kọ "You have failed to pay" tàbí "I want you to pay on Thursday". Ti àkọ́kọ́ jẹ́ èdè lọ́yà, ó ń sọ pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ti èkejì jẹ́ bí ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́. Ìbéèrè tó ní ọjọ́ nínú ló wà láàrin méjèèjì: "Could you please let me know by Thursday?" Ìbéèrè ni lójú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé wọ́n ń retí èsì ní Tọ́sìdeè.

"Kindly" ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà, ẹ foríjì mí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ràn ni. Ní Nàìjíríà, "Kindly send the document" rọ̀ ju "Please send" lọ. Létí ọ̀pọ̀ ará Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, ó le jù ú lọ. Ó dún bí ọ̀gá tí sùúrù rẹ̀ ti fẹ́ tán, tàbí pátákó tó ní kí ẹ má tọ̀ síbí. Ẹ lo "please" ní ipò rẹ̀. Kí "please" náà sì dúró ti ohun tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún. A máa ń kọ "Please, I want to ask", torí a ń sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan". Nínú Yorùbá, "ẹ jọ̀ọ́" yẹn ń ṣí ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ẹni tó ń kà á á máa wá ohun tí ẹ ń bẹ̀ ẹ́ fún.

Ọ̀rọ̀ tó lè mú owó lọ jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni "sorry". Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ fún ẹnìkejì mi, mo máa ní "pẹ̀lẹ́". Èmi kọ́ ni mo ba ọkọ̀ jẹ́, àánú rẹ̀ ló ṣe mí. "Ẹ má bínú" náà, a máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí a ò ṣẹ̀ rárá. Nígbà tí a bá sọ méjèèjì di "sorry" tàbí "we apologise" nínú lẹ́tà òwò, ẹni tó ń kà á lè gbà pé a ti jẹ́wọ́ ẹ̀bi. Ọkùnrin kan tó ń ta yànmọ̀tí ní ẹrù rẹ̀ pẹ́ ní èbúté Àpápá. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun ló sún ọjọ́ ìrìnàjò síwájú. Ó kọ̀wé sí oníbàárà rẹ̀ pé "We are very sorry for this delay, please forgive us." Ẹ̀dínwó ni oníbàárà fi dá a lóhùn. Ó ní ṣebí ẹ̀yin náà ti gbà pé ẹ jẹ̀bi. Ohun tó yẹ kó kọ kò gùn: pé iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun ti yí ọjọ́ padà, ọjọ́ tuntun rèé, ìwé wọn ló wà nísàlẹ̀ yìí, kó wá fi "Thank you for your patience" parí rẹ̀. Ọpẹ́ fún sùúrù ni ìyẹn, ó sún mọ́ "pẹ̀lẹ́" wa dáadáa, kò sì gbé ẹ̀bi ka ẹnikẹ́ni lórí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi lóòótọ́, tí sobo tí ẹ kó ránṣẹ́ ti bu, ẹ sọ "sorry" lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn náà ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún láì sọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó dà bí ẹni tí kò ní nǹkan kan ṣe.

"Rárá" náà nìyẹn. Ó ń nira fún wa láti sọ ọ́ fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún. A ó ní "a máa wò ó", àgbà tó gbọ́ á ti mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe. Ẹ bá kọ "We will try our best, sir" sí ẹni tó béèrè bóyá ẹrù lè gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, á gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni", á sì lọ sọ fún àwọn tó ń po tíì pé sobo ń bọ̀. Kí ẹ kọ ọ́ báyìí ló dáa: "We cannot ship on 20 April. We can ship on 5 May at the same price. Would that work for you?" Rárá wà níbẹ̀, ọ̀nà mìíràn sì tẹ̀lé e kíákíá. Tí ẹ bá fẹ́ fi "by the grace of God" síwájú ọjọ́ yẹn, mi ò ní dá yín lẹ́kun, èmi náà ń gbàdúrà. Kí ẹ kàn mọ̀ pé ẹni tí kò bá wa gbé lè rò pé ọjọ́ náà ò tíì dájú. Ẹ gba àdúrà náà sílé, kí ẹ kọ ọjọ́ sínú ímeèlì.

Báwo ni a ṣe máa mọ orúkọ tí a ó pè é? A ò lè pe àgbà lórúkọ, mo mọ̀. Ibi tí ẹ ó wò ni ìsàlẹ̀ ímeèlì tiwọn. Tí ó bá fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan parí rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe, orúkọ yẹn ló fẹ́ kí ẹ pe òun, "Mr" á dà bí ẹni tó ń sá sẹ́yìn. Àwọn ará Jámánì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìdílé, ẹ dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi yí i padà. Tí ẹ ò bá mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹ kọ orúkọ méjèèjì lẹ́yìn "Dear". Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ní Àbújá lẹ ń kọ̀wé sí, ẹ fi "sir" yín síbẹ̀ o. Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ yọ ọ́.

Ó ku èsì tí ìyá wa gbà. Ọjọ́ kejì ló wọlé. Obìnrin náà ní kò sí ìjà kankan. Ínfọ́ìsì 014 kò ní nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ wọn fi ń mọ ọjà tí wọ́n rà, akáúńtáńtì ò sì lè sanwó láìsí i. Ó ní òun rí ímeèlì méjì ìṣáájú, òun rò pé ìkíni lásán ni. A fi nọ́ńbà náà sí i, a dá ínfọ́ìsì padà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, owó sì wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kì í ṣe gbogbo ímeèlì ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ san gbèsè kò ní san án nítorí pé ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ẹ ó tètè mọ̀ pé kò fẹ́ san, torí pé kò ní rí "small issue" kankan sá sí mọ́.

Ìyá náà ṣì máa ń kọ ímeèlì rẹ̀ bó ti ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, pẹ̀lú gbogbo "sir" àti àdúrà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá bi ara rẹ̀ pé kí ni mo ń fẹ́ gan-an, á gbé ìdáhùn rẹ̀ lọ sókè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí pa èyí tó kù rẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá.